Ẹni Tó Ń Gbé Omi Wá Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Ìrọ̀rùn Ló Ń Tà

Bí ẹ bá gba Bódìjà kọjá lówùúrọ̀ ní ìlú Ìbàdàn, ẹ ó rí wọn: kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n to ìgò omi aláwọ̀ búlúù sí lẹ́yìn, àwọn ìgò ńlá tí a máa ń dorí wọn kodò sórí dìsípẹ́ńsà. Lára kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé omi àwọn mọ́, pé ó dára fún ara, pé NAFDAC ti fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà fóònù ló tẹ̀ lé e. Ìpolówó yẹn lè má parọ́ rárá, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun tí kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò sọ.

Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín omi rere kan àti òmíràn. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ìgò, ọ̀ranyàn ni. Ẹni tó bá ní i kò tíì ṣe ju ohun tó yẹ kó ṣe lọ. Bí olómi kan bá sì ń pariwo jù pé kò sí ìdọ̀tí nínú omi òun, èmi a máa bi ara mi léèrè pé ta ló fẹ̀sùn kàn án ná. Ohun tí oníbàárà lè fi ojú ara rẹ̀ dán wò yàtọ̀ sí èyí. Ṣé omi náà dé lọ́jọ́ tí wọ́n ní yóò dé? Ṣé wọ́n gbé e dé kíṣìnì, àbí ẹnu géètì ni wọ́n já a sí? Ṣé ó dìgbà tí a bá pè wọ́n kí wọ́n tó yọjú? Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá ilé á ti mọ ìdáhùn. Olómi tó bá fẹ́ kí àwọn èèyàn máa san owó omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìrọ̀rùn ló yẹ kó máa polówó, kó sì là á sílẹ̀ pé irú ìrọ̀rùn wo ni.

Kò lè rí èyí ṣe dáadáa bí kò bá kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà. Kì í ṣe olómi bíi tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní igun àdúgbò ni, níbi tí wọ́n ti ń ta píọ́ wọ́tà ní àpò-àpò. Ogún ọ̀rá ló sábà máa ń wà nínú àpò kan, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì lítà. Lítà mẹ́wàá nìyẹn. Ìgò dìsípẹ́ńsà gba nǹkan bíi lítà 19, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò méjì. Bí a bá ṣírò rẹ̀ ní lítà sí lítà, owó píọ́ wọ́tà ló sábà máa ń kéré jù. Olómi tó bá wá ń polówó pé omi òun kò wọ́n ti gbé ìjà lọ síbi tí wọn yóò ti lù ú. Ṣùgbọ́n ìyá oníṣọ́ọ̀bù kò lè fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ kó wá bá ẹnikẹ́ni gbé omi wọ kíṣìnì, ibẹ̀ sì ni olómi ti lè borí.

Ẹ wo ti ẹrù rẹ̀ ná. Lítà omi kan wọn kílò kan. Ìgò tó kún, tòun ti ike rẹ̀, sún mọ́ ogún kílò. Èèyàn ní láti gbé e ga dé àyà tàbí ìbàdí, kó dorí rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnu rẹ̀ sì bọ́ sójú ihò dìsípẹ́ńsà kí omi tó dà sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin á ṣe é bí eré. Ti aláboyún ńkọ́, tàbí ti màmá àgbà tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, tàbí ti ẹni tí ẹ̀yìn ń ro? Ìgò náà á wà nílẹ̀ títí ẹnìkan á fi yà kí wọn. Mo ti rí ilé tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀ láti da omi sínú kẹ́tùlù, tí dìsípẹ́ńsà sì dúró sí igun, tí wọ́n fi ń gbé ìwé ìròyìn lé. Olómi tó bá sọ pé "ọmọ wa ni yóò gbé e gun orí dìsípẹ́ńsà" ti ta ohun tí àpò píọ́ wọ́tà kò ní.

Àmọ́ ìyọnu tó ju ti ẹrù lọ ni ti ìrántí. Omi mímu kì í tán nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ló máa ń tán, nígbà tí àlejò jókòó sí pálọ̀ tí àwọn ọmọ sì ń wá omi tí wọn yóò rọ sínú ike ilé ìwé. Ẹnìkan á wá fóònù, á pe olómi. Olómi á ní òun ti wà lọ́nà. Wákàtí kan á kọjá. Wọ́n á tún pè é, fóònù ti kú. Nígbà tó bá wá yọjú, ìgò kan ló mú wá dípò mẹ́ta, tàbí kí tíránsífà kọ̀ láti wọlé, kí gbogbo wọn wá dúró sẹ́nu géètì kí wọ́n máa wo fóònù. Kò sí èyí tó le nínú gbogbo rẹ̀ tí a bá mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo nínú ilé, ìyàwó ilé lọ́pọ̀ ìgbà, ló ń fi ọkàn rù ú kiri, òun ló ń tán èèyàn ní sùúrù. Ẹrù yìí gan-an ni àdéhùn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lè gbà lórí rẹ̀: kò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn méruwà tó ń ti ọmọlanke kẹ́ẹ̀gì kiri ní Èkó ti mọ èyí kí olómi oníìgò tó dé. Ilé tó bá ti di ojúlé wọn, wọn kì í dúró kí wọ́n pè wọ́n síbẹ̀. Wọ́n mọ iye kẹ́ẹ̀gì tí dúrọ́ọ̀mù ìyá náà ń gbà, wọ́n mọ ọjọ́ tó máa ń fọṣọ, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á sì lọ, ó di ọjọ́ owó. Ohun tí méruwà fi orí ara rẹ̀ ṣe ni olómi òde òní ń fi Wáàsáàpù wá.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìpolówó méjì kalẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń lọ báyìí: "Omi tútù, omi mímọ́! A ń gbé e wá sílé àti ọ́fíìsì yín ní ìrọ̀rùn. Ẹ pè wá lónìí." Èyí tí èmi yóò kọ nìyí: "Ẹ̀yin ará Bódìjà, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, omi yín ti dé. Ọmọ wa á gbé e wọ kíṣìnì, á gbé ọ̀kan gun orí dìsípẹ́ńsà, á sì kó òfìfo lọ. Ẹ ò ní pè wá. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ò bá fẹ́ omi, ẹ kọ 'Rárá' ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú."

Ìpolówó kejì kò fẹnu kan ìrọ̀rùn rárá, síbẹ̀ òun ló sọ ọ́. Ó dárúkọ àdúgbò, ọjọ́, wákàtí àti ẹni tí yóò gbé ẹrù. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe é dì mú lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, oníbàárà á mọ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé aago méjìlá ló dá, kì í ṣe aago mẹ́sàn-án. Òjò lè rọ̀, iná lè lọ níbi tí wọ́n ti ń rọ omi sí ìgò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ń bẹ ní Bódìjà lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tí a bá dá aago méjìlá fún tí omi dé ní aago mẹ́wàá á dúpẹ́. Ẹni tí a bá dá aago mẹ́sàn-án fún tí omi dé ní aago mẹ́wàá kan náà á ti pè lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó sì jẹ́ pé ìpè yẹn gan-an ni a ní a bá a mú kúrò.

Ti ọ́fíìsì yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀gá kọ́ ni omi ń dà láàmú níbẹ̀. Akọ̀wé tó ń gba ìbínú gbogbo èèyàn nígbà tí omi bá tán ni. Ìrọ̀rùn tirẹ̀ ni kó má máa wá owó kékeré kiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó gba rìsíìtì kan lópin oṣù, kó fi lé ẹ̀ka ìnáwó lọ́wọ́. Òun ni kí ẹ kọ ìpolówó ọ́fíìsì sí.

Wàyí o, ibi tí ìlérí náà ti máa ń bàjẹ́ kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Wọ́n rò pé àìdé omi ni. Àpọ̀jù omi ni. Ẹ mú ìdílé kan: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta. Bí olómi bá fi lítà méjì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́, lítà 70 ni lọ́sẹ̀, ìgò mẹ́rin sì gbé e tán pẹ̀lú ìyókù díẹ̀. Lórí ìwé, ìgò mẹ́rin ló bá wọn mu, owó ìgò mẹ́rin sì dùn ún gbọ́ létí olómi. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ni àwọn ọmọ wà títí di ọ̀sán, ibi iṣẹ́ ni bàbá ti ń mu omi, ìyá sì ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di àṣálẹ́. Ó lè jẹ́ ìgò mẹ́ta péré ni wọ́n ń mu tán. Ìgò kan á máa ṣẹ́ kù lọ́sẹ̀. Nígbà tí oṣù kan bá fi pé, ìgò mẹ́rin tó kún ti tò sí kọ́rídọ̀, ẹnìkan ti fẹsẹ̀ kọ ọ̀kan lóru, ìyá ilé á sì ránṣẹ́ pé, "Ẹ dúró ná, omi ṣì wà nílẹ̀."

"Ẹ dúró ná" yìí ló ń pa òwò olómi. Ẹni tó sọ ọ́ kò bínú, kò sì ní in lọ́kàn láti fi olómi sílẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó máa ń rántí láti padà sọ pé "ẹ máa bọ̀." Oṣù kan á lọ, àpò píọ́ wọ́tà á ti tún wọlé, ó parí. Omi tó pọ̀ jù tún ní ìpalára mìíràn: ìgò tó bá pẹ́ níbi tí oòrùn ti ń ràn sí i lè bẹ̀rẹ̀ sí í hu àwọ̀ ewé nínú, oníbàárà kò sì ní sọ pé oòrùn ló fà á. Á ní omi náà kò mọ́.

Nítorí náà, ìgò méjì ni kí olómi fi bẹ̀rẹ̀ fún ìdílé ẹni márùn-ún yẹn, kó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ mú ẹ̀kẹta dání nínú kẹ̀kẹ́ bí wọ́n bá nílò rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òfìfo á ti sọ òtítọ́. Ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé kékeré kan tó ń kọ nǹkan méjì sí fún ilé kọ̀ọ̀kan: iye tó gbé wọlé, iye òfìfo tó kó jáde. Bí ìgò mẹ́ta bá wọlé tí òfìfo méjì jáde, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ọ̀gá má dúró de "ẹ dúró ná." Kó ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mọ́mì. Ó dà bíi pé omi yín ń ṣẹ́ kù. Ṣé ká dín in sí méjì?" Owó ìgò kan á lọ lóòótọ́. Ìyá náà á sì mọ̀ pé ẹnìkan ń bá òun rò ó, pé òun kò tilẹ̀ ní láti ka ìgò mọ́. Nínú gbogbo ohun tí olómi lè fi polówó ara rẹ̀, èmi kò mọ èyí tó ju àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn lọ.

Òfìfo náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á dé ẹnu géètì, ìgò á wà léjìká rẹ̀, mẹ́gáàdì á ní, "Mọ́mì ò sí nílé." Wọ́n ti ti kíṣìnì pa, òfìfo sì wà nínú rẹ̀. Bó bá fi èyí tó kún sílẹ̀ láìgba òfìfo, ìgò ọ̀gá rẹ̀ ń dín kù. Bó bá gbé e padà, ìlérí Ọjọ́bọ̀ ti yẹ̀. Oògùn rẹ̀ kò nira. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, àtẹ̀jíṣẹ́ kan á lọ sí gbogbo oníbàárà: "Ọ̀la ni omi. Ẹ bá wa kó òfìfo sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ kọ Rárá." Tí òfìfo bá sì padà dé, kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ fi imú sí ẹnu rẹ̀ kí omi tó kàn án. Àwọn kan máa ń fi í rọ kẹrosíìnì. Òórùn yẹn kì í kúrò lára ike mọ́, ilé mìíràn ni ìgò náà yóò sì wọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí owó ìdógò fi wà lórí ìgò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá dé tí mo fi ní kí ìpolówó dárúkọ Bódìjà nìkan, nígbà tó jẹ́ pé Ìbàdàn tóbi? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ogójì ilé, ìgò mẹ́ta-mẹ́ta, 120 ìgò nìyẹn. Ká ní kẹ̀kẹ́ ń kó ogún lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí 400 kílò, ìrìn mẹ́fà ló máa rìn. Bí ilé kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá (àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì á jù bẹ́ẹ̀ lọ), 400 ìṣẹ́jú ti lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méje, a ò sì tíì ka àkókò tó fi ń padà lọ kó omi. Kò sí bí èyí ṣe lè parí kí aago méjìlá tó lù. Ṣùgbọ́n bí ogún ilé bá wà ní Bódìjà lọ́jọ́bọ̀, tí ogún tó kù sì wà ní Akóbọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ìrìn mẹ́ta ló kù lójúmọ́, wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àwọn oníbàárà, ẹni tó bá jáde ní aago méje sì lè parí iṣẹ́ rẹ̀ lásìkò. Ọjọ́ tó rọ oníbàárà lọ́rùn láti rántí ló tún ń dín epo olómi kù.

Bí ẹnìkan bá wá pè láti Àpáta, kí olómi má tìtorí ìgò méjì sáré lọ. Kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó sọ fún un pé òun kò tíì ní ọjọ́ níbẹ̀, pé bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ bá tó bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òun á dá ọjọ́ kan fún Àpáta. Ẹni tó fẹ́ omi náà fúnra rẹ̀ ló máa bá a wá àwọn yòókù. Kó sì rántí pé ìgò òun náà gbọ́dọ̀ pé: bí 120 bá wà nílé àwọn oníbàárà, tó ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ló ń bẹ níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ tí wọ́n ti ń rọ omi sí i.

Àwọn èèyàn wa ní London àti Amẹ́ríkà mọ irú òwò yìí nínú oúnjẹ. Àpótí á dé sẹ́nu ọ̀nà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹran, ewébẹ̀ àti èròjà tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀ á wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe máa sè é. HelloFresh bẹ̀rẹ̀ ní Berlin ní 2011, Blue Apron ní New York ní 2012. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò ní dáná. Ohun tí wọ́n mú kúrò ni ọjà lílọ àti ìbéèrè tó ń dá wàhálà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, "kí la fẹ́ jẹ?" Ìyẹn náà ìrọ̀rùn tó ṣe pàtó ni. Síbẹ̀, Blue Apron tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín rẹ̀ fún aráyé ní Oṣù Kẹfà 2017, ní 10 dọ́là fún ìpín kan, kò pẹ́ tó fi rẹ̀yìn. Wonder rà á ní 2023 ní nǹkan bíi 103 mílíọ̀nù dọ́là, owó tí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ti fojú wò ó tẹ́lẹ̀. Ohun tó fà á pọ̀: owó tí wọ́n fi ń wá oníbàárà ga, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀dínwó fà wá sì ń lọ nígbà tí ẹ̀dínwó bá tán.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa nínú rẹ̀ ni pé irú àpótí yìí máa ń wá àyàfi bí a bá tètè ní kó má wá, tó sì máa ń jẹ́ ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹni tó gbàgbé á bá ẹja àti ewébẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́sẹ̀ tí kò ní sí nílé. Ìrántí tí wọ́n ní àwọn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà. Ó bọ́ sí i fún olómi pé omi kì í jẹrà bí ẹja, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló mú wọn: bí "Rárá" bá ṣòro láti sọ ju "Bẹ́ẹ̀ ni" lọ, ìpolówó ìrọ̀rùn ti di irọ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 láti dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà náà fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé ohun tó ti béèrè ṣáájú, bí olùtajà tilẹ̀ lè gba owó tó mọ níwọ̀n lórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá àti ti Kérésìmesì ni olómi á ti mọ bóyá àdéhùn òun ṣe é gbé. Ìdajì àdúgbò lè ti lọ sí ìlú wọn, ìdajì tó kù á ní àlejò kún ilé. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ ti jáde ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú láti béèrè lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan bóyá kó dá omi dúró tàbí kó fi kún un. Ẹni tó bá sì ní òun ò ṣe mọ́ pátápátá, kí ọmọ iṣẹ́ ka òfìfo lójú rẹ̀, kó wò ó bóyá ó fọ́, kí tíránsífà owó ìdógò wọlé kí kẹ̀kẹ́ tó kúrò lẹ́nu géètì. Àwọn olómi kan máa ń fi owó yìí pa mọ́, wọ́n á ní ọ̀gá ò sí ní ọ́fíìsì, bí ẹni pé ẹni tó ń bínú á padà wá rà nítorí pé wọ́n mú owó rẹ̀ dání. Ẹgbẹ́ Wáàsáàpù àdúgbò ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, níbi tí ogún ilé tó ń gba omi lọ́jọ́bọ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.